Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ tó ń Bójú tó Owó Ìfẹ̀yìntì Mi: Oṣù Mẹ́rìnlá tí Kò Dáhùn Orúkọ

Ọ̀gá Àgbà,

Mo kí yín o. Ẹni ọdún 61 ni mí, Kubwa ni mo ń gbé l'Àbújá níbí. Mo ṣe olùkọ́ ìṣirò ní iléèwé girama aládàáni kan láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 títí mo fi fẹ̀yìn tì ní oṣù Keje ọdún 2024. Mi ò ní dárúkọ iléèwé náà, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ yín, nítorí kì í ṣe pé mo fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí yín láàárín ara wa. Èsì tí ẹ fún mi lórí ẹ̀kẹta, níbi tí ẹ ti ní ẹ óò kàn fi ₦176,400 ti oṣù mẹ́rìnlá tí kò wọ àkáùntì ìfẹ̀yìntì mi kún un kí ọ̀rọ̀ parí, ni mo fẹ́ dáhùn báyìí, mo sì ń dá a lóhùn ní gbangba kí àwọn mìíràn tí owó wọn wà lọ́wọ́ yín lè gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti ń dá àjọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, la jọ gba iṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Àárọ̀ ọjọ́ kan náà ni aṣojú yín wá bá wa ní yàrá àwọn olùkọ́, tó kọ orúkọ tirẹ̀ tán kó tó kọ tèmi. Ipò wa dọ́gba, owó oṣù wa dọ́gba, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló sì fi jù mí lọ ní ọjọ́ orí. Nígbà tí a fẹ̀yìn tì, àwa méjèèjì gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó wa lẹ́ẹ̀kan, a sì ní kí ẹ máa fi ìyókù san wá lóṣooṣù. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó ń ṣírò ohun tí yóò dá sí àjọ, ó sì sọ pé, "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà tí wọ́n ń san fún wa yìí, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe nínú rẹ̀?" Mo ní, "Ìyá Ìbejì, èmi ò rí ọgbọ̀n rí o." Àwa méjèèjì gbé fóònù wa. Alẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jẹ́ ₦30,003, tèmi jẹ́ ₦28,350.

Àwọn tó jókòó tì wá ní kí n fi sílẹ̀, wọ́n ní ₦1,653 kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Wuse. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni mo bi í léèrè. Mo ní kó sọ iye tó gbà lẹ́ẹ̀kan nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sì ní ₦1,200,150 ni. ₦1,134,000 ni tèmi. Mo kó iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sílé, mo pín wọn síra wọn, mo sì rí i pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n san fún un, náírà 94 àti àbọ̀ ni wọ́n san fún mi, nínú owó àkọ́gbà náà àti nínú owó oṣooṣù. Bó bá jẹ́ owó oṣooṣù nìkan ló dín, mo lè sọ pé ẹni tó ṣírò rẹ̀ ló ṣi ọjọ́ orí mi kọ, torí ọjọ́ orí wọ inú ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá dín ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́, ìṣirò yín kò ní ẹ̀bi. Owó tí ẹ gbé ka iwájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ni kò pé.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín, mo sì ní kí wọ́n tẹ sítéètìmẹ́ǹtì àkáùntì mi fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní láti jẹ́wọ́ níbí. Ẹ máa ń fi sítéètìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí mi ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìlà ìkẹyìn nìkan, níbi tí àpapọ̀ owó wà, ni mo sì máa ń wò. Bó bá ti lé sí ti àtẹ̀yìnwá, mo ti fi fóònù sílẹ̀ nìyẹn. Ọdún 18 ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n fi iṣẹ́ hàn mí, kí wọ́n má kàn kọ ìdáhùn, èmi fúnra mi kò sì béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí àwọn tí kò tíì ka irú ìwé yìí rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí owó wọlé, oṣù tí wọ́n san án fún, ìpín tí wọ́n yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, ìpín tí agbanisíṣẹ́ fi kún un, iye owó yúníìtì lọ́jọ́ náà, àti iye yúníìtì tí owó náà rà. Yúníìtì yìí ló máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ rò ó bí mudu tí a fi ń wọn ọkà ní ọjà Àbújá. Lóṣooṣù, ẹ ń fi owó mi ra mudu ọkà ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà, ẹ sì ń kó o sínú àká. Mudu yẹn kì í dín, iye tí mudu kan ń tà ló ń gòkè, tó tún lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ tí mo bá fẹ̀yìn tì, iye mudu tó wà nínú àká ni ẹ óò kà, tí ẹ óò sì sọ ọ́ di owó ní iye ọjọ́ náà. Nítorí náà, kò tó kí a mọ iye tí ẹnì kan san, a ní láti mọ ọjọ́ tí ó rà á.

Ojú ewé tí wọ́n tẹ̀ fún mi pọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò sì rí àléébù kankan. Gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ ló tọ̀nà. Kódà, nígbà tí òfin ọdún 2014 yí ìpín padà láti náírà méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti iye kan náà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ sí mẹ́jọ àti mẹ́wàá, iléèwé wa yí i padà láìpẹ́, mo sì rí i lórí ìwé. Ọjọ́ kejì ni ó tó yé mi pé ibi tí mo ń wò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó wọlé nìkan ni sítéètìmẹ́ǹtì ń kọ, kì í fi àlàfo sílẹ̀ fún ohun tí kò wọlé. Ìlà kan á tẹ̀ lé ìkejì rẹ̀ láìsí àyè láàárín wọn, ojú á sì máa yọ̀ lọ lórí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú ìwé rẹ́jísítà kan tí mi ò lò tán, mo kọ ọdún 2006 sí 2024 sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni kọ orúkọ ọmọ, mo fa ìlà oṣù méjìlá sí iwájú ọdún kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe owó náà ní oṣù kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń pe àwọn ọmọ láàárọ̀. Èyí tó bá dáhùn, mo á fi àmì sí i. Oṣù tí wọ́n san owó fún, tí wọ́n kọ sórí ìlà náà, ni mo lò, kì í ṣe ọjọ́ tí owó wọlé, nítorí iléèwé máa ń fi owó oṣù méjì ránṣẹ́ pọ̀ nígbà mìíràn, ẹni tó bá sì fi ọjọ́ ìwọlé ṣe é yóò rò pé oṣù kan sọnù níbi tí kò ti sọnù. Ọdún 2006 dé 2018 dáhùn tán. Lẹ́yìn oṣù Kejìlá ọdún 2018, oṣù Kẹta ọdún 2020 ló tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́rìnlá kò sí níbẹ̀.

Àlàfo mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìyẹn sì fẹ́ ṣì mí lọ́nà. Ẹ rántí pé òpin oṣù Kẹta ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ sé Àbújá mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà, tí iléèwé tì, tí a kò sì gba owó oṣù. Ó dùn láti kó àlàfo méjèèjì pọ̀ kí n sì sọ pé Kòrónà ló fà á. Mo bẹ Ìyá Ìbejì pé kó gba sítéètìmẹ́ǹtì tirẹ̀, mo sì pe tirẹ̀ náà ní rẹ́jísítà. Oṣù márùn-ún ìgbà Kòrónà kò sí nínú tirẹ̀ bákan náà, ìyẹn ni pé wọn kò san án fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ohun tí mo lè bèèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rìnlá tó ṣáájú wà nínú tirẹ̀ lódindi.

Ìwé owó oṣù mi fún àwọn oṣù náà wà nínú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ ibùsùn, gbogbo wọn. ₦70,000 ni owó tí wọ́n ń ṣírò ìfẹ̀yìntì lé lórí nígbà náà. Wọ́n yọ ₦5,600 lọ́wọ́ mi lóṣooṣù, iléèwé sì ní láti fi ₦7,000 kún un, èyí tó jẹ́ ₦12,600. Lọ́nà mẹ́rìnlá, ó di ₦176,400.

Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní káńtà yín ní ọ̀wọ̀, ó sì tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ dáadáa, ó wá ní, "Mama, iléèwé yín kò san án." Mo lọ sí iléèwé. Bọ́sà tó wà níbẹ̀ báyìí, Màlámù kan tó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, sọ pé kí n má bínú, àmọ́ àwọn san án. Mo ti mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, níbi tí ọmọ méjì ti ń nàka síra wọn, tí olùkọ́ sì máa ń na àwọn méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Màlámù gbé fáìlì ọdún 2019 jáde, ó fi ìwé ẹ̀rí báǹkì hàn mí ní oṣù kọ̀ọ̀kan, a sì ka orúkọ tó wà lórí ṣẹ́dùùlù, ìwé orúkọ àti iye owó òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń sin owó náà, a ro iye tó wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó sì bá iye tó wà lórí ìwé ẹ̀rí báǹkì mu láìdín kọ́bọ̀ kan. ₦12,600 tèmi wà nínú rẹ̀. Owó náà kúrò lọ́wọ́ iléèwé.

Ó kù díẹ̀ kí n dìde kí n tó wo PIN, nọ́ńbà àkáùntì ìfẹ̀yìntì, tó wà níwájú orúkọ mi. Ẹ mọ̀ pé PEN ló máa ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà méjìlá a sì tẹ̀ lé e. Nínú tèmi, 4 ló ṣáájú 7 láàárín nọ́ńbà náà. Nínú ṣẹ́dùùlù oṣù Kìíní ọdún 2019, 7 ló ṣáájú 4. Mo ṣí ti oṣù Kejìlá ọdún 2018, ó tọ̀nà. Màlámù rántí pé ìgbà náà ni wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, tí bọ́sà ìgbà náà sì tún gbogbo orúkọ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni nọ́ńbà náà fi yí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹnì kan tún un ṣe. Ẹni tó tún un ṣe náà rí i pé kò tọ̀nà tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kì bá tí tún un ṣe, síbẹ̀ kò sọ fún mi, kò kọ̀wé sí yín, kò sì béèrè ibi tí owó tó ti lọ ń gbé. Àtúnṣe yẹn ló bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Bí nọ́ńbà náà bá wà ní yíyí títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tí kò ní rí i.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo padà sí pẹ̀lú ẹ̀dà ṣẹ́dùùlù náà, ẹ sì yára rí owó náà lẹ́yìn ìyẹn, mo dúpẹ́. Orúkọ mi kò bá nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ mu, nítorí náà ẹ kò lè fi sínú àkáùntì ẹnikẹ́ni. Ó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín pa owó mọ́, láàárín àwọn owó tí kò ní ẹni tó ni wọ́n. Mi ò bínú sí i pé ẹ kò fi owó mi sí orí ẹlòmíràn. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, nígbà tí ₦12,600 dé oṣù kan tí kò rí ibi wọ̀, tí òmíràn dé pẹ̀lú orúkọ kan náà àti nọ́ńbà àṣìṣe kan náà ní oṣù kejì, tó sì rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá, láti iléèwé tí orúkọ mi ti wà nínú ìwé rẹ̀ láti 2006, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò kọ ìlà kan sí bọ́sà?

Èsì yín sọ ohun méjì. Àkọ́kọ́, ẹ ní mo fọwọ́ sí ìwé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì pé mo gbà pé iye tó wà nínú àkáùntì mi tọ́. Òótọ́ ni, mo fọwọ́ sí i, mi ò sì kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ gbé fún mi ní ìlà àpapọ̀ kan ṣoṣo, oṣù tó wọlé àti oṣù tí kò wọlé kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó wà lórí ìwé ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó fọwọ́ sí i pé ọgbọ̀n ọmọ ló wà ní kíláàsì kò sọ pé ọmọ tó wà ní ìta kì í ṣe ọmọ iléèwé.

Ìkejì ni ó gbé mi dé ibi lẹ́tà ṣíṣí yìí. Ẹ ní ẹ ti ṣetán láti fi ₦176,400 kún àkáùntì mi, pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ọ̀gá Àgbà, ẹ gbà mí láyè kí n fi iṣẹ́ hàn yín.

Láti oṣù Keje ọdún 2018 tí wọ́n ti pín owó ìfẹ̀yìntì sí àpò lóríṣìíríṣìí, èmi àti Ìyá Ìbejì, tí a ti lé ní 50 ọdún nígbà náà, ni ẹ fi sí Àpò Kẹta, a sì wà níbẹ̀ títí a fi fẹ̀yìn tì tí ẹ gbé wa lọ sí Àpò Kẹrin, ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Àpò kan náà, alábòójútó kan náà, owó kan náà lóṣooṣù. Nítorí náà, mi ò ní láti méfò iye tí yúníìtì ń tà nígbà náà, ó wà lórí sítéètìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ₦1.12 ni yúníìtì kan, ₦12,600 sì ra 11,250 fún un. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2020, ó ti di ₦1.26, iye owó kan náà sì ra 10,000. Ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá jọ jẹ́ yúníìtì bí 147,000. Ní ọjọ́ tí a fẹ̀yìn tì, ₦1.80 ni yúníìtì kan, 147,000 sì di ₦264,600.

Ẹ fi èyí wé ohun tí mo rí nílé àjọ. Bí ẹ bá fi ₦264,600 kún ₦4,536,000 tí ẹ kà fún mi lọ́jọ́ náà, ó di ₦4,800,600. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,150, owó tí Ìyá Ìbejì gbà gan-an. Bí mo ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo àìpé náà wà nìyẹn, pé kò sí òmíràn tó kù tí mi ò tíì rí.

₦176,400 tí ẹ fẹ́ san jẹ́ owó ọdún 2019. Ní ₦1.80, yúníìtì 98,000 péré ni yóò rà. Yúníìtì 49,000 tó kù, ₦88,200 ní iye ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi, ẹ kò sọ ẹni tí yóò rù ú. Ẹni tó gba owó ọkà lọ́wọ́ mi nígbà ìkórè, tó gbàgbé láti ra á, kò lè dá owó náà padà fún mi nígbà ọ̀wọ́n kó sì ní a ti jẹ́ ọgbọọgba. Bó bá jẹ́ pé iléèwé tó yí nọ́ńbà ni yóò san án, ẹ kọ̀wé sí wọn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin tí owó náà wà lọ́dọ̀ yín láìṣiṣẹ́ ni, ẹ san án. Bí ẹ bá fẹ́ pín in, ẹ pín in láàárín ara yín. Òfin ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi owó ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá san owó oṣù, ó sì fi ìtanràn tí kò dín ní náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lé ẹni tó bá kùnà. Ẹni tó ṣe òfin náà mọ̀ pé owó tó pẹ́ kì í ṣe owó tó pé. Èmi nìkan ni kò yẹ kó rù ú, nítorí nínú àwa mẹ́ta, èmi nìkan ni mi ò fọwọ́ kan ṣẹ́dùùlù náà.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ kọ oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sínú àkáùntì mi ní ìlà mẹ́rìnlá, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní iye yúníìtì ọjọ́ tó yẹ kó wọlé, kì í ṣe àpapọ̀ kan tí ẹ óò fi ọjọ́ òní sí. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìṣirò ìfẹ̀yìntì mi ṣe láti oṣù Keje ọdún 2024, kí ẹ san ₦66,150 tó dín nínú owó àkọ́gbà mi àti ₦1,653 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti san fún mi láti ìgbà náà. Kí ẹ sì fi sítéètìmẹ́ǹtì tuntun náà ránṣẹ́ sí mi lódindi, láti ọdún 2006.

Mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé wọ̀nyí ní méjì. Ọ̀kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èkejì wà nínú àpò ìwé tí mo ti kọ àdírẹ́sì Àjọ tó ń ṣàkóso Owó Ìfẹ̀yìntì Orílẹ̀-èdè, PenCom, sí ní Wuse 2, mo sì máa fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ lẹ́yìn ọjọ́ 30 láti òní, bí rẹ́jísítà mi bá ṣì ní àlàfo mẹ́rìnlá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, Kubwa, Àbújá.